Àmì Orí Máàpù Ni Wọ́n Gbà Gbọ́, Wọn Kò Gba Èmi Gbọ́

Inú ń bí mi, n kò sì ní bò ó mọ́ra. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ ọkọ̀ Ìkòròdú ní gáréèjì Ìbàdàn ní Ìjẹ̀bú-Òde, báàgì tí kọ̀ǹpútà alágbèéká ilé-iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ sì wà ní búùtù. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Sábó ní Ṣágámù, mo ń wá ṣéńjì lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́, ọkọ̀ sì ṣí lọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà.

Kí aago méje tó lù, mo ti pe ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ti àkáǹtì mi pa, kó sì yọ mí kúrò níbi gbogbo tí mo ti wọlé, nítorí pé n kò pa ẹ̀rọ náà, mo kàn dé e ni, ímeèlì mi sì wà ní ṣíṣí lórí rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ mú ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra kóòtù wá. Alága gáréèjì tí n kò mọ̀ rí pe dírẹ́bà lójú ẹsẹ̀. Dírẹ́bà ní òun tú búùtù ní Ìkòròdú, òun kò rí báàgì kankan.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará ọ́fíìsì ṣí Find my device, ètò Windows tó ń fi ibi tí ẹ̀rọ wà hàn lórí máàpù, àmì sì wà lórí ọ́fíìsì wa gan-an, aago 4:52. Ni wọ́n bá ní kí n tú dúrọ́ọ̀ mi, níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́, bí olè! Ẹ̀rọ yẹn kò ní síìmù. Wáífáì ọ́fíìsì nìkan ló ń lò, nítorí náà ibi tó ti rí íńtánẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn ni máàpù ń fi hàn, kì í ṣe ibi tó wà. Àṣẹ títì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i pàápàá kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí yóò fi tún rí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Fáìlì Excel tó ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì àwọn oníbàárà 340 wà lórí rẹ̀. Mo béèrè bóyá wọ́n ti fi BitLocker ti dísíìkì náà kí ẹlòmíràn má bàa lè ka ohun tó wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ ìlà kan péré ni wọn ì bá ti fi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e fún mi:

```
manage-bde -status C:
```

Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72, láti ìgbà tó ti mọ̀, láti fi irú èyí tó Àjọ tó ń rí sí i létí bó bá lè ko àwọn tó ni ìsọfúnni sí ewu. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó ti àkáǹtì mi, lẹ́yìn wákàtí 44, nígbà tí ìwé ìbúra dé ọwọ́ wọn.

Wọ́n wá gbé ìròyìn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún mi kí n fọwọ́ sí i. Níbi tí wọ́n ti béèrè ibi tí a ti rí ẹ̀rọ náà kẹ́yìn, wọ́n kọ «ọ́fíìsì». Mo fi bírò pa á rẹ́, mo kọ «búùtù ọkọ̀, Sábó, Ṣágámù, aago 6:30», n kò sì ní fọwọ́ sí òmíràn.