Mo fẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ ìbí ẹ̀

Ọmọ Tákié: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin kan ń ṣọjọ́ ìbí lọ́jọ́ Sátidé. Láti Láútẹ̀kì la ti mọra, kò sí nǹkan kan láàárín wa rí, ó sì ti ní àfẹ́sọ́nà. Nígbà tí bàbá mi wà ní ọsibítù, òun ló máa ń wá jókòó tì wọ́n lálẹ́ kí n lè ráyè sinmi. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní rò pé mo ń wá nǹkan mìíràn?

Àjàní Ọlọ́kadà: Àdúrà ni kó o fi ránṣẹ́. Ní kó pẹ́ láyé, kó rí towó ṣe, kí ilé ẹ̀ tòrò. Èwo ni ti ìfẹ́ níbẹ̀? Àwọn ìyá wa ò sọ ọ́ fún wa, a sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn wa.

Ìyá Ìbejì Arówómọlẹ̀: Àjàní, àdúrà dáa, mi ò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìbí, àdúrà kan náà ni gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́, títí kan ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Kò ní dá tiẹ̀ mọ̀ nínú ti àwọn yòókù. Ọmọ Tákié, ohun tí ọmọkùnrin yẹn ṣe fún ọ ni kó o kọ́kọ́ dárúkọ. Kọ ọ́ pé nígbà tí bàbá ń ṣàìsàn, o wá, o jókòó, o ní kí n lọ sùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o tó sọ pé o nífẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí ìdí bá ti ṣáájú, kò ní sí pé ó ń méfò. Èyí tó kàn dédé já lé èèyàn láyà láìnídìí ni ọkùnrin máa ń rò títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Arábìnrin, ẹ jẹ́ á sọ òótọ́. Ẹ fẹ́ ọkùnrin yìí, ẹ̀rù ló ń bà yín. Àfẹ́sọ́nà kì í ṣe ìyàwó, wọn ò tíì ṣe ìdána. Ẹ tètè sọ fún un.

Ọmọ Tákié: Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ní ẹni tí mò ń fẹ́, Ìlọrin ló wà, àwọn méjèèjì sì mọra wọn dáadáa. Mi ò fẹ́ kí ohunkóhun yí padà láàárín wa.

Ará Sábó: Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan fi “mo nífẹ̀ẹ́ ẹ gan-an” ránṣẹ́ sí mi ní aago méjìlá òru géérégé, lọ́jọ́ ìbí mi. Ó to àwòrán ọkàn pupa sí ìdí ẹ̀. Ó tún gbé fọ́tò èmi nìkan sórí sítétọ́ọ̀sì Wáàsáàpù ẹ̀, “ẹni tèmi” nìkan ló kọ sí i. Àwọn tá a jọ ń wo bọ́ọ̀lù rí i, wọ́n ń kí mi kú oríire. Díẹ̀díẹ̀ èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ kí n tó lọ rí i. Ọjọ́ tí mo wá béèrè, ó ní òun kàn kí mi ni. A ṣì ń kí ara wa, ṣùgbọ́n kò rí bíi tàtijọ́ mọ́, ó sì ń dùn mí.

Ìyá Ìbejì Arówómọlẹ̀: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ nìkan ló ṣì ọ́ lọ́nà. Ẹni tó bá jí dé aago méjìlá òru kó lè jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ kí ọ, àwọn tó ń fẹ́ra ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. O tún wá rí ọkàn pupa, o rí fọ́tò ìwọ nìkan, kò sì sọ ìdí kankan. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré ni, o lè má kà á sí. Gbogbo ẹ̀ ló pàdé lórí ẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ Tákié, ọ̀sán ni kó o fi ránṣẹ́, nígbà tí gbogbo èèyàn ń kí i. Tó o bá máa gbé fọ́tò síta, èyí tí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀ ni kó o gbé. Kó o sì rí i pé o bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì bó o ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀, bí epo bẹntiróò ni, bí iṣẹ́ ni. Tó o bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn tán tó o wá dákẹ́, ó máa rò pé èsì lò ń retí.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ó dáa, mo ti gbọ́. Kó wá fi oríkì ẹ̀ kí i ńkọ́? Ìyẹn máa ń wọ ọkùnrin lákínyẹmí ara.

Ìyá Ìbejì Arówómọlẹ̀: Tó bá jẹ́ pé òun ló fi ń pè é tẹ́lẹ̀, kò burú. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí ìyàwó ṣe ń pe ọkọ nìyẹn.

Aránṣọ Adéníkẹ̀ẹ́: Kó kàn kọ “bí arákùnrin ni mo ṣe nífẹ̀ẹ́ ẹ, má rò ó sí nǹkan mìíràn o.” Ó parí.

Ará Sábó: Kò parí. Ẹni tó bá ní kí n má rò ó ti jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Yàtọ̀ síyẹn, ó máa dà bíi pé ó ń kọ̀ fún mi ní nǹkan tí mi ò tọrọ. Kó pè é ní ọ̀rẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ.

Aránṣọ Adéníkẹ̀ẹ́: O jàre níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ti àfẹ́sọ́nà. Èmi náà ní àfẹ́sọ́nà, mo mọ bó ṣe ń rí. Fóònù á wà lórí tábìlì, ìmọ́lẹ̀ á tàn, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo máa rí. Tó bá jẹ́ “mo nífẹ̀ẹ́ ẹ” ló ṣáájú, mi ò ní dúró ka ìyókù kí ojú mi tó yí padà. Orúkọ ẹ̀ àti ẹ kú ọjọ́ ìbí ni kó ṣáájú. Èmi gan-an ì bá fẹ́ kó pè mí kó tó fi ránṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Arówómọlẹ̀: Ti ìlà àkọ́kọ́ yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àmọ́ kó máa gba àṣẹ lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà, mi ò fara mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni yóò wá dà bíi pé nǹkan wà níbẹ̀. Kó kí obìnrin náà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ó tó.

Aránṣọ Adéníkẹ̀ẹ́: Ìyá, lójú tiyín ni. Èmi ṣì máa fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi.

Ọmọ Tákié: Mo dúpẹ́ gan-an. Ẹ wo èyí tí mo kọ: “Ọ̀rẹ́ mi, o kú ọjọ́ ìbí. Mi ò tíì gbàgbé bó o ṣe ń wá jókòó ti bàbá mi ní ọsibítù, tó o máa ní kí n lọ sùn. Bàbá ṣì ń béèrè ẹ. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, inú mi sì dùn pé a mọra. Bá mi kí ìyàwó wa, sọ fún un pé mò ń bọ̀ wá jẹ nínú àmàlà ọjọ́ ìbí. Wàá ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé.”

Ará Sábó: Ká ní irú èyí ni mo rí gbà, ǹ bá má ti da ara mi láàmú.

Àjàní Ọlọ́kadà: Ó dáa, àdúrà náà sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, yọ “mo nífẹ̀ẹ́ ẹ” yẹn kúrò, ìyókù ti sọ ọ́ tán.

Ọmọ Tákié: Ẹ̀gbọ́n Àjàní, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò ní yọ ọ́. Bàbá ti yá, kò sì tíì sí ẹni tó sọ ọ́ fún un ní tààrà nílé wa.

Àjàní Ọlọ́kadà: Ó dáa náà. Jẹ́ kí bàbá fúnra wọn pè é láàárọ̀ Sátidé kí tìẹ tó dé.