Pípín oògùn àgbà sí wẹ́wẹ́ kò sọ ọ́ di oògùn ìkókó

Lánàá ni mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu olóògùn kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nípa kiloramufẹ́níkọ̀, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn: "Kiloramufẹ́níkọ̀ kò ṣe ọmọ tuntun ní nǹkan kan, ẹ ṣáà dín in kù bí ọmọ ṣe wúwo sí." Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá tó ń bá sọ̀rọ̀ gbé dání. Mo ní kó fi kápúsù sílẹ̀, kó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Wọ́n á ní àìsàn ló ń pa ọmọ, kì í ṣe oògùn. Ní 1959, àwọn olùwádìí ìṣègùn mẹ́ta, Burns, Hodgman àti Cass, gbé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Los Angeles jáde, lórí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, tí omi ìyá wọn ti dà ju wákàtí 24 lọ kí wọ́n tó bí wọn. Kí kòkòrò má baà ràn wọ́n ni wọ́n ṣe fún wọn lóògùn. Nínú àwọn tí kò gba oògùn rárá, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Àwọn tó gba pẹnisílìnì àti sitirẹputomáísìnì, ìdá 18. Àwọn tó gba kiloramufẹ́níkọ̀ nìkan, ìdá 60! Àwọn tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdá 68. Ibi tí kiloramufẹ́níkọ̀ bá ti wọ̀ ni ikú ti pọ̀.

Ẹ̀dọ̀ àgbà máa ń so oògùn yìí mọ́ nǹkan kan tó jọ ṣúgà, kí kíndìnrín lè rí i tọ̀ dànù. Ẹ̀dọ̀ ìkókó kò tíì mọ iṣẹ́ yẹn ṣe dáadáa, kíndìnrín rẹ̀ náà kò tíì lágbára. Lára ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, nǹkan bí wákàtí 4 ni ìdajì oògùn fi ń lọ. Lára ọmọ tuntun, ó tó wákàtí 26. Ẹ fún un lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ti àná kò tíì jáde tí ti òní fi ń gun orí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara ọmọ fi lè dá ní ọjọ́ kìíní, tó fi jẹ́ ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni wàhálà máa dé.

Mo ti rí i nígbà tí mo ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ọmọ kílò 3 ni, ìdajì kápúsù 250 lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni wọ́n ń fún un nílé: 500 mílígíráàmù. Èyí tó yẹ kò ju 75 lọ lóòjọ́. Ó kọ́kọ́ kọ ọmú, ó ń bì, ikùn rẹ̀ wú, ó ń mí gúlegúle. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ara rẹ̀ ti tutù, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ètè àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣe bí eérú. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa wò lára ọmọ dúdú. A dá oògùn dúró, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò mọ́ bá a.

Lóòótọ́, àwọn dókítà ṣì lè lò ó nígbà tí kò bá sí òmíràn: 25 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ó tó gòkè sí 50 fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé. Àwọn náà gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí ìwọ̀n kan náà kì í jáde lára ọmọ méjì bákan náà. Kò sí ẹni tó lè yẹ ìyẹn wò ní ìdí káńtà ṣọ́ọ̀bù.