5W-30 àti oòrùn Ifẹ̀: àtúnṣe

"Ti ìlú òtútù ni ọ́ìlì 5W-30. Nínú oòrùn Ifẹ̀, omi ló máa dà. 20W-50 ni kí gbogbo ọkọ̀ máa lò."

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nọ́mbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Èyí tó kẹ́yìn, 30 tàbí 50, ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Ìdí nìyẹn tí 5W-30 àti 10W-30 fi máa ń ki bákan náà tí ọkọ̀ bá ti gbóná.

Lóòótọ́, ooru ń mú kí ọ́ìlì fẹ́lẹ́. Ọ́ìlì tó ń fà láàárọ̀ Ifẹ̀ á ti máa ṣàn wéréwéré kí ọkọ̀ tó dé Iléṣà. Ṣùgbọ́n iná inú ẹ́ńjìnnì ló ṣe é. Ọ̀sán wa kì í sábà kọjá 35°C. Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 90 sí 110°C, àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì sì ti ro ìyẹn mọ́ ọn.

Tí ẹ bá da 20W-50 sínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún 30, ó máa ń pẹ́ kó tó gòkè láàárọ̀. Ẹ lè gbọ́ kaka-kaka lókè ẹ́ńjìnnì, epo á sì máa tètè tán. Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ wò. Bó bá gba 40 láàyè fún ibi tó gbóná, ẹ lè lò ó.