Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú hẹ́dà ímeèlì kọ́ ló máa mú yín dé ilé oníjìbìtì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pín ìmọ̀ràn kan kiri lórí WhatsApp pé tí ara bá fu yín sí ímeèlì kan, kẹ́ ẹ ṣí hẹ́dà ẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tó fara pa mọ́ tó ń sọ ibi tí ímeèlì gbà kọjá, kẹ́ ẹ wá ìlà Received tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, nọ́ńbà IP tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni ti ẹni tó kọ ọ́, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sórí sáìtì tó máa ń fi máàpù hàn, ẹ máa rí àdúgbò tó jókòó sí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá o. Ó sì ń dùn mí torí pé èèyàn lè tipa bẹ́ẹ̀ fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀, kí ẹni tó lu jìbìtì gan-an sì lọ ní tiẹ̀.

Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Gbogbo sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì tó sì ń fi í ránṣẹ́, tí ímeèlì bá gbà kọjá ló máa ń kọ ìlà Received tiẹ̀ sórí àwọn tó ti wà níbẹ̀, kò sí èyí tó máa ń kọ tiẹ̀ sísàlẹ̀. Torí náà, lóòótọ́, tí gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà bá jẹ́ olóòótọ́, ìlà ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ wà. Àmọ́ ta ló ní kí oníjìbìtì jẹ́ olóòótọ́? Òfin tí ímeèlì ń tẹ̀ lé títí dòní, látọ̀dọ̀ Jon Postel, ọ̀kan lára àwọn tó dá íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, lọ́dún 1982 ló ti wá, kò sì sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó ní kẹ́nikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ lohun tí ẹni tó ń fi létà ránṣẹ́ kọ sínú ẹ̀. Kí ímeèlì tó kúrò lọ́wọ́ oníjìbìtì, ó lè fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìlà Received méjì mẹ́ta síbẹ̀, kó fi orúkọ ilé iṣẹ́ tó bá wù ú sí i, sáfà tó máa gbà á kàn máa kọ tiẹ̀ lé e lórí ni.

Ẹ fi wé ẹrù tí wọ́n fi rán awakọ̀ láti gáréèjì. Ẹni tó gba ẹrù náà lọ́wọ́ awakọ̀ fojú ara ẹ̀ rí i, àmọ́ gbogbo ibi tí awakọ̀ ní òun ti yà kó tó débẹ̀, ẹnu awakọ̀ nìkan la ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan. Ímeèlì tó ní ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ń rajà ti pààrọ̀ àkáǹtì báǹkì wọn, kẹ́ ẹ sanwó ínfóísì sí tuntun. Mo ti yí gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà padà, sáfà tiyín ni mx.example.org:

```
Authentication-Results: mx.example.org;
  spf=pass smtp.mailfrom=mailer.example.net;
  dkim=none; dmarc=fail header.from=example.com
Received: from mail.example.com (unknown [203.0.113.45])
  by mx.example.org; Tue, 4 Mar 2025 10:12:41 +0100
Received: from office-pc (office-pc [198.51.100.7])
  by mail.example.com; Tue, 4 Mar 2025 11:58:03 +0000
From: "Accounts" <accounts@example.com>
```

Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn WhatsApp, 198.51.100.7 lẹ máa gbá mú, ẹ sì máa rò pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn ló ti wá. Àmọ́ ẹ wo aago. Sáfà yín gba ímeèlì náà ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 12 ní aago Nàìjíríà, ìyẹn aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 12 ní aago +0000. Ìlà ìsàlẹ̀ wá ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú méjì lòun gbà á. Báwo ni ímeèlì ṣe máa dé ọ̀dọ̀ yín nígbà tó ku bíi wákàtí mẹ́ta kó tó kúrò nílé? Tó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan péré ni, mi ò ní bá a jà, aago sáfà máa ń yí díẹ̀, ímeèlì sì lè pẹ́ lójú ọ̀nà fún wákàtí mélòó kan kó tó dé, ìyẹn ò burú. Kó padà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ kára fu yín, torí àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ṣe lẹnì kan fọwọ́ kọ ọ́.

Torí náà, òkè lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ wá ìlà tó ní "by" sáfà tiyín, ìyẹn lẹ lè gbà gbọ́. Nínú ẹ̀, orúkọ mail.example.com tó tẹ̀ lé "from" yẹn, ohun tí ẹni tó wá kan ilẹ̀kùn pe ara ẹ̀ ni, ó lè pe ara ẹ̀ ní ohunkóhun. Èyí tó wà láàárín àmì [ ] ni sáfà yín fúnra ẹ̀ rí nígbà tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, ìyẹn 203.0.113.45, òun ló ṣòro láti parọ́ ẹ̀. "unknown" tó wà níwájú ẹ̀ túmọ̀ sí pé sáfà yín wá orúkọ tó bá nọ́ńbà yẹn mu, kò rí i. Ibẹ̀ lohun tó dájú parí sí, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni.

Ẹ tún wo spf=pass tó wà nínú ìlà Authentication-Results yẹn dáadáa, níbi tí sáfà yín ti ń kọ èsì àyẹ̀wò tó ṣe, torí ó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. spf ló ń wò ó bóyá dòméènì kan gba IP yẹn láyè láti fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ ẹ̀. Wọ́n á rí "pass", ọkàn wọn á balẹ̀. Pass fún ta ni? Fún mailer.example.net, kì í ṣe example.com tó wà nínú From. Dòméènì tí oníjìbìtì ní fúnra ẹ̀ ló gbà á láyè láti fi ránṣẹ́, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò kan oníbàárà yín rárá. dmarc ló ń bi í pé ṣé orúkọ méjèèjì bára mu, ó sì ní rárá. Kẹ́ ẹ sì rí i pé orúkọ sáfà tiyín ló ṣáájú ìlà Authentication-Results yẹn o, torí wọ́n lè fọwọ́ kọ ìyẹn náà.

Báyìí, tẹ́ ẹ bá wá tẹ `whois` pẹ̀lú nọ́ńbà IP tẹ́ ẹ rí nínú irú ìlà yẹn nínú hẹ́dà tiyín, orúkọ ẹni tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ máa rí, ó sábà máa ń jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi sáfà háyà, pẹ̀lú àdírẹ́sì abuse tẹ́ ẹ lè kọ̀wé fẹjọ́ sùn sí. Ilé ẹnikẹ́ni kọ́ nìyẹn. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ sáfà ẹni ẹlẹ́ni tí wọ́n já wọ̀. Tó bá sì jẹ́ inú Gmail lórí bíráúsà lẹni náà ti kọ ọ́, IP ilé ẹ̀ ò ní sí nínú hẹ́dà rárá, ti Google nìkan lẹ máa rí, àwọn ọlọ́pàá tó bá ní ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ ló lè lọ béèrè ìyókù lọ́wọ́ wọn.

Fún ẹni tí ò mọ ibi tí hẹ́dà wà: lórí Gmail nínú kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ojú àmì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ímeèlì náà, kẹ́ ẹ mú Show original. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kẹ́lòmíì bá yín wò ó, ẹ má kàn fọ́wọ́ọ̀dù ẹ̀, torí hẹ́dà tiyín ló máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ti oníjìbìtì á ti sọnù. Ẹ tẹ Download Original, kẹ́ ẹ fi fáìlì .eml yẹn ránṣẹ́.

Ohun kan wá ṣẹ́kù tí hẹ́dà ò lè ràn yín lọ́wọ́ sí. Tí oníjìbìtì bá ra dòméènì tó jọ ti oníbàárà yín, tó kàn fi lẹ́tà kan yàtọ̀, spf, dmarc àti dkim, ìyẹn òǹtẹ̀ tí dòméènì máa ń lù sára ímeèlì, lè jẹ́ pass látòkè délẹ̀. Tó bá sì ti gba páswọ́ọ̀dù wọn tó wọnú àpótí ímeèlì wọn gan-an, hẹ́dà náà máa mọ́ tónítóní torí ibẹ̀ ló ti wá lóòótọ́. Lórí ọ̀rọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ àkáǹtì, bí hẹ́dà bá tiẹ̀ mọ́, ẹ pe nọ́ńbà fóònù wọn tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì yẹn, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.