Kíka ìdáhùn páàsì kuẹ́sọ̀n kì í ṣe ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó fẹ́ kí n máa kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ pé ọmọ náà ti ka ìbéèrè WAEC ọdún mẹ́wàá tán, tòun ti ìdáhùn. "Kò sí èyí tí kò mọ̀ níbẹ̀, sà. Ẹ kàn bá wa fọwọ́ bà á díẹ̀ ni." Mo bi wọ́n pé èwo nínú ọdún mẹ́wàá náà ni ọmọ yìí ti jókòó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí aago ń ka, tí ìwé ìdáhùn sì wà ní yàrá mìíràn. Kò sí ìkankan.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Àwọn òbí ń sọ ọ́, àwọn tó ń ta ìwé ń sọ ọ́, àwọn olùkọ́ lẹ́sìn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ náà ń sọ ọ́: pé bí ọmọ bá ti ka ìbéèrè àti ìdáhùn títí tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ lórí, ìdánwò ti bùṣe. Wọ́n á ní àwọn ìbéèrè máa ń padà wá. Àkòrí ló ń padà wá. Ẹni tó há ìdáhùn "10 km" sórí fún ìbéèrè ọkọ̀ tó rin 6 km àti 8 km, kí ló fẹ́ fi ṣe lọ́dún tí wọ́n bá fi 7 àti 24 rọ́pò 6 àti 8? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Lọ́dún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Washington tó wà ní ìlú St. Louis lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé àyọkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan kà á ní ìgbà mẹ́rin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Àwọn mìíràn kà á nígbà kan péré. Ìgbà mẹ́ta tó kù, wọ́n gba àyọkà náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí sórí ìwé òfìfo. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà ṣáá ló borí: wọ́n rántí ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ń kọ ọ́ láìwòwé rántí ìdá 71. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn tó kà ṣáá já wálẹ̀ sí ìdá 40, àwọn tó ń kọ ọ́ láìwòwé ṣì dúró lórí ìdá 61. Ohun tó yẹ kó ba òbí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń kà ṣáá ló fọkàn balẹ̀ jù pé àwọn á rántí. Ohun tí ìyá yẹn rí lára ọmọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ náà ò parọ́. Nígbà tó pa ìwé dé, ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. WAEC ò sì ní dúró dè é ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tó bá pa ìwé dé.

Àyọkà ni wọ́n lò, kì í ṣe ìṣirò, mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí lórí tábìlì tèmi ò yàtọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ìṣirò WAEC, ìwé kejì, èyí tí wọ́n ń kọ ojútùú sí lẹ́sẹẹsẹ. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni, máàkì 100. Apá àkọ́kọ́ ní ìbéèrè márùn-ún tó di dandan, máàkì 40 ló wà níbẹ̀. Apá kejì ní ìbéèrè mẹ́jọ, èèyàn á mú márùn-ún níbẹ̀ fún máàkì 60. Ìṣẹ́jú 150 fún máàkì 100 túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ni máàkì kọ̀ọ̀kan ní. Apá àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ, ìbéèrè apá kejì kọ̀ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 18 lọ, láìtíì ka àkókò tí èèyàn á fi wo èwo ni kóun mú. Ẹni tó ń ka ìdáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì ò lè mọ̀ láé bóyá òun lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú 18, nítorí pé ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ojútùú náà ń gbà láti kà.

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan tó fẹ́ràn ìbéèrè bẹ́ríìnì, ti ọkọ̀ tó kúrò níbìkan tó kọrí síbòmíràn, tí wọ́n ń wọn igun ìrìn rẹ̀ láti àríwá. Ó ti ka ojútùú wọn lọ súà. Mo fún un ní èyí tí mo fọwọ́ ara mi kọ: ọkọ̀ ojú omi kan kúrò ní P, ó rin 8 km dé Q lórí bẹ́ríìnì 060°, ó yí, ó sì rin 6 km dé R lórí bẹ́ríìnì 150°. Wá PR, kí o sì wá bẹ́ríìnì R láti P. Mo yí aago, mo gba ìwé ojútùú.

Kò ya àwòrán kankan. Ó kọ √(64 + 36), ó rí 10 km. Ó kọ tan θ = 6/8, ó rí 36.87°, ó sì fà á nísàlẹ̀ pé bẹ́ríìnì jẹ́ 037°. Nígbà tí mo ní kó fi ojútùú máàkì ara rẹ̀, ó rí 097° níbẹ̀, ó ní, "Háà, mo mọ̀ ọ́n, sà. Mo kàn gbàgbé láti fi 60 kún un ni." Ó fún ara rẹ̀ ní máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́jọ.

Mo gba bírò pupa, mo máàkì í bí àwọn tó ń máàkì fún WAEC ṣe ń ṣe é: wọ́n ń fúnni ní máàkì M fún ọ̀nà tó tọ́, A fún ìdáhùn tó péye tó jáde láti ara ọ̀nà náà, àti B fún ohun tó dá dúró fúnra rẹ̀. Èmi ni mo pín máàkì ti ìbéèrè yìí. Àwòrán, B kan: kò sí, òdo. Fífi hàn pé igun Q jẹ́ 90°, nítorí pé 240 dín 150 ni, B kan: ó lò ó, kò fi hàn, òdo. Ọ̀nà PR àti ìdáhùn rẹ̀, méjì. Tan àti 36.87°, méjì. Fífi 60 kún un àti 097°, òdo, òdo. Mẹ́rin nínú mẹ́jọ.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ìtàn yìí ni pé kì í ṣe ìgbàgbé ló ṣe é. Ẹni tó bá ya ìlà àríwá sí P, tó sì ya ìlà PQ kúrò lára rẹ̀ ní 60°, á rí i kedere pé 36.87° ń bẹ̀rẹ̀ láti orí PQ ni, kì í ṣe láti àríwá. Nínú gbogbo ojútùú tó ti ń kà, wọ́n ti ya àwòrán náà sílẹ̀ dè é. Ìwé ló ń bá a ṣe apá tó le jù, kò sì mọ̀ pé òun ò lè ya á. Bó bá ka ojútùú mìíràn títí di ọjọ́ ìdánwò, kò ní mọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ láìwòwé ló tú àṣírí náà.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní kí ọmọ ṣe ìdánwò nílé, òfin "kò sí ìwé" kì í ṣe ti ìwé ojútùú nìkan. Ojú ewé tí wọ́n kọ fọ́múlà sí lẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Fóònù wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ kakulétọ̀ rẹ̀ ló fẹ́ lò. Kakulétọ̀ tó máa gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò gan-an ni kó lò, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí bọ́tìnnì tan wà. Fóònù á wà lọ́wọ́ ìyá tàbí bàbá, aago ògiri ló máa wò. Òwúrọ̀ ni, kí iná má baà di àwáwí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rán an níṣẹ́ fún wákàtí méjì àti ààbọ̀. Èyí tí mo ń bá àwọn òbí jà lé lórí jù nìyẹn, nítorí wọ́n á ní omi díẹ̀ lásán ni kó bá àwọn pọn, omi yẹn á sì gba ìbéèrè kan lọ.

Nígbà tí àkókò bá pé, ọmọ á fa ìlà síbi tó dé, á gbé bírò aláwọ̀ mìíràn, á sì máa bá a lọ títí tí yóò fi parí gbogbo ohun tó mọ̀. Máàkì méjì ló máa jáde: ti ohun tó wà lókè ìlà, àti ti gbogbo rẹ̀. Bí ọmọ bá gba 48 lókè ìlà, tó sì di 71 nígbà tó parí, ó mọ ìṣirò, kò yára ni. Ìbéèrè ẹyọ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìṣẹ́jú 18 ni oògùn rẹ̀. Bó bá gba 48, tó sì di 51, aago ò ṣe é ní nǹkan kan. Àkòrí ni kò yé e, ẹ dá a padà sídìí ẹ̀kọ́. Ẹ má fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìdánwò mìíràn lọ́sẹ̀ kejì, aago kì í kọ́ni ní ohun tí olùkọ́ ò tíì kọ́ni.

Kí ẹlòmíràn máàkì í, bó bá ṣeé ṣe. Kò dandan kó mọ ìṣirò: bàbá tó lè ka ojútùú ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tó sì lè béèrè pé "ìlà yìí dà nínú ìwé tìrẹ?", ti tó. WAEC ń gbé ìjábọ̀ àwọn olórí olùyẹ̀wò rẹ̀ jáde, wọ́n ń kọ àṣìṣe tí àwọn ọmọ ṣe lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Ẹni tó ń máàkì nílé á rí i níbẹ̀ irú àbùkù tó yẹ kó wá. "Mo mọ̀ ọ́n, mo kàn gbàgbé" kò ní máàkì kankan.

Ìdí tí mo fi bínú sí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn jù ni pé ìbéèrè tí ọmọ bá ti ka ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé fi dán an wò mọ́. Bó bá gba 90 níbẹ̀ lónìí, a ò mọ̀ bóyá ìṣirò ló mọ̀ tàbí ìrántí. Wọ́n ti lo ọdún mẹ́wàá tán. Mo ní kí wọ́n bá mi wá ìbéèrè ọdún mẹ́ta tí ọmọ náà kò tíì fojú kàn, kí wọ́n gé ojú ewé ìdáhùn kúrò kí wọ́n tó gbé e dé ilé. Ọ̀kan fún báyìí, ọ̀kan fún àárín támù, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdánwò.