Pupa àti àwọ̀ ewé kì í ṣe eérú kan náà

"Tí ẹ bá ti fa Saturation wá sí -100, fọ́tò yín ti di dúdú àti funfun. Kò sí nǹkan míì láti ṣe."

Ó kù o, ẹ̀gbọ́n. Ká ní ìyá kan wé gèlè pupa, ó dúró síwájú ewé. Gèlè jẹ́ Red 200, Green 40, Blue 40. Ewé jẹ́ Red 40, Green 200, Blue 40. Nínú Hue/Saturation ti Photoshop, -100 yẹn á sọ méjèèjì di eérú 120 kan náà, gèlè á sì pòórá mọ́ ewé.

Ẹ ṣí Channel Mixer, ẹ fi àmì sí Monochrome, kí Red jẹ́ 70, Green 30, Blue 0. Gèlè á mọ́lẹ̀ dé 152, ewé á ṣókùnkùn sí 88. Ẹ ṣáà máa wo ètè ìyá náà: tí Red bá pọ̀ jù, kò ní yàtọ̀ sí awọ ojú mọ́.