BPM méjì tó bára mu kò ní kí orin méjì má kọlu ara wọn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń da orin pọ̀ ló gbà pé iṣẹ́ ti bùṣe ní kété tí nọ́ńbà BPM, ìyẹn iye bíìtì tó wà nínú ìṣẹ́jú kan, bá ti di ọ̀kan náà lójú ẹ̀rọ fún orin méjèèjì. 112 lápá òsì, 112 lápá ọ̀tún, ó yá, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ máa dún. Kódà, àwọn díjèé tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ náà ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí orin ṣe yára tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ ibi tí bíìtì bọ́ sí. Ìyára ọ̀hún pàápàá, ẹ̀rọ lè ṣì í kà.

Ẹ̀rọ kì í gbọ́ orin bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ. Ohun tó ń wá ni ibi tí ìró ti gbéra lójijì, bí ìgbà tí ìlù ńlá bá dún gbì tàbí tí ìlù kékeré bá dún pá. Lẹ́yìn náà ló máa wo àlàfo tó ń tún ara rẹ̀ ṣe jù lọ láàárín wọn. Bí àlàfo náà bá jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, á pín 60 sí 0.5, á sì pè é ní 120 BPM. Àmọ́ àlàfo tó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú orin kan kì í ṣe ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí orin tó wà ní 70 fi lè jáde bí 140. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí orin bá ṣe ń lọ, ẹ ó mọ èyí tó tọ̀nà, bọ́tìnnì tó ń sọ ọ́ di ìdajì tàbí ìlọ́po méjì sì wà nínú ọ̀pọ̀ áàpù. Èyí tó le díẹ̀ ni orin tí bíìtì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́ta. Ní 80, ẹ̀rọ lè kó ìró kéékèèké wọ̀nyí jọ ní méjì-méjì dípò mẹ́ta-mẹ́ta, kó sì kọ 120. Ìlọ́po méjì tàbí ìdajì kò lè tún ìyẹn ṣe. Ọwọ́ lẹ ó fi tẹ nọ́ńbà tó tọ́ wọlé.

Ká wá ní ẹ̀rọ ka nọ́ńbà dáadáa, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn tó pọ̀ jù wà. Àwọn áàpù kan kì í fi ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìdá hàn. Orin tó wà ní 111.6 àti èyí tó wà ní 112.4, 112 kan náà ni wọ́n máa kọ sí méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú orin méjì. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n fi lu ìlù rẹ̀, 112 géérégé ni. Ìkejì náà ka 112, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ mọ òótọ́ ibẹ̀. Ẹ mú aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí bíìtì kan, kí ẹ sì pe bíìtì yẹn ní òdo. Ẹni tó bá pè é ní ení, àlàfo 127 ló kà tó ń pè ní 128, ìyẹn nìkan á sì fi nǹkan bí 0.9 BPM kún ìṣirò rẹ̀. Ẹ ka mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà 32, kí ẹ dá aago dúró lórí bíìtì 128. Ká ní 68.3 ni aago wí. 128 lọ́nà 60 jẹ́ 7680, ẹ pín in sí 68.3, ó di 112.4. Ẹ má ṣe fi bíìtì 16 nìkan ṣe é: bí àtàǹpàkò bá pẹ́ ní 0.1 péré, ẹ ti ṣìnà ní nǹkan bí 1.3 BPM, nígbà tó jẹ́ pé lórí bíìtì 128, àṣìṣe kan náà kò ju 0.16 lọ.

Kí ni 0.4 lè dà? Ní bíìtì kọ̀ọ̀kan, orin kejì ń fi nǹkan bí mìlísẹ́kọ́ǹdù méjì sí i ṣíwájú ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn bíìtì 16 ó ti di 30, ìlù ńlá méjèèjì kò sì dún gbì mọ́, gbì-gbì ni wọ́n ń dún, ìkan ń tẹ ìkejì nígìgísẹ̀. Lẹ́yìn bíìtì 64, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 34, ó ti tó 120, gbogbo rẹ̀ á wá máa lọ bí ẹṣin tó ń sáré. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ pín 112 sí 112.4, èyí tó jẹ́ 0.9964, nítorí náà ẹ fi ọ̀pá tẹ́ńpò dín ìyára orin kejì kù ní 0.36%. Bí ọ̀pá yín kò bá lè dúró sórí 0.36%, tó jẹ́ 0.4% ló gbà, ìyẹn náà dáa: ìyàtọ̀ tó kù kò ju nǹkan bí mìlísẹ́kọ́ǹdù 15 lọ nínú bíìtì 64.

Ẹni tí kò fẹ́ ṣírò lè fi etí ṣe é. Ẹ gbọ́ orin kejì nínú hẹ́dífóònù, kí ẹ fi ọwọ́ ti àwo síwájú tàbí kí ẹ dá a dúró díẹ̀ títí ìlù ńlá méjèèjì á fi bọ́ síbi kan. Ẹ wá kó ọwọ́ kúrò, kí ẹ dúró dìgbà tí bíìtì 32 bá kọjá. Bí wọ́n bá ṣì wà pọ̀, tẹ́ńpò tọ̀nà, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ni kò tọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá tún ní láti ti àwo, tó sì jẹ́ síwájú ni ẹ ń tì í ní gbogbo ìgbà, orin náà lọ́ra, ẹ fi ọ̀pá tẹ́ńpò mú un yára sí i. Kò sí iye títì tó lè wo ìyẹn sàn.

A óò gbọ́ ẹnìkan tó máa ní bọ́tìnnì SYNC, èyí tó ń to orin méjì mọ́ra fúnra rẹ̀, ti gba gbogbo wàhálà yìí ṣe. SYNC kì í gbọ́ orin rárá. Àwọn ìlà bíìtì tí áàpù ti fà sórí àwòrán ìró ló ń tẹ̀ lé. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá bọ́ sórí ìlù kékeré dípò ìlù ńlá, SYNC á to ìlà mọ́ ìlà láìkù síbì kan, gbì ti orin kan á sì máa bọ́ sórí pá ti ìkejì. Nọ́ńbà á bára mu, kò sí sísún kankan, síbẹ̀ etí ò ní gbà á. Ẹ fẹ àwòrán ìró náà títí ẹ ó fi rí ibi tí ìlù ńlá ti gbéra gan-an, ẹ fa ìlà síbẹ̀, kí ẹ sì mú un ní bíìtì ení nínú mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fo lọ sí ìparí orin. Bí ìlà bá ṣì jókòó sórí ìlù níbẹ̀, ẹ lè fọkàn tán SYNC lórí orin yẹn.

Orin tí èèyàn fi ọwọ́ lu ìlù rẹ̀ kì í sábà yege ìdánwò yìí. Onílù lè bẹ̀rẹ̀ ní 112 kó dé 115 nígbà tí ègbè bá wọlé, kò sì sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ ti orin náà. Àwọn áàpù kan máa ń jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ tún ìlà fà ní gbogbo ìwọ̀n bíìtì mẹ́rin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni fún orin kan. Èmi á ní kí ẹ jẹ́ kí ìdàpọ̀ rẹ̀ kúrú: ẹ mú bíìtì mẹ́jọ níbi tí ìlù ti dúró déédéé, ẹ sọ ọ́ di lúùpù kó máa tún ara rẹ̀ dún, ẹ da orin tó ń bọ̀ mọ́ lúùpù yẹn, kí ẹ sì ti yọ ti onílù kúrò kó tó di pé ẹ tú lúùpù náà sílẹ̀.